Ṣé Òótọ́ Ni Tẹmómítà Ń Sọ?

Ká ní obìnrin kan wà ní Ìgàndó tó ń ṣe yógọ́ọ̀tì tà. Yóò po wàrà oníyẹ̀fun mọ́ omi, yóò gbé e kaná títí tẹmómítà á fi sọ pé ó ti di 85, yóò jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó lè tutù dé 43, lẹ́yìn náà ni yóò wá da ìwúkàrà sí i, tí yóò sì gbé e sínú kúlà. Àwọn òǹkà méjèèjì yìí nídìí. Bí wàrà bá dúró ní dígírì 85 fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àwọn èròjà amúaradàgbà kan nínú rẹ̀ á tú kúrò bí wọ́n ṣe ká jọ tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì so mọ́ àwọn yòókù, èyí ló ń jẹ́ kí yógọ́ọ̀tì ki. Dígírì 43 sì ni àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìwúkàrà fẹ́ràn jù. Bí wàrà bá gbóná ju 50 lọ, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í le fún wọn. Bí ó bá sì tutù jù, iṣẹ́ wọn á falẹ̀.

Ká ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí yógọ́ọ̀tì rẹ̀ kò ki mọ́, tó sì ń pẹ́ kó tó kan. Ó ti pààrọ̀ wàrà. Ó ti lọ ra ìwúkàrà tuntun ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ohun kan ṣoṣo tí kò tíì yẹ̀ wò ni irin gígùn olójú dígítà tó ń kì bọ inú ìkòkò lójoojúmọ́, nítorí pé òun ló fi ń yẹ gbogbo nǹkan yòókù wò.

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ rọrùn láti bi, ó ṣòro díẹ̀ láti dáhùn. Báwo ni ẹni tó ní tẹmómítà kan ṣoṣo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ? Bí ó bá yá ti aládùúgbò, tí ọ̀kan sọ pé 43, tí èkejì sọ pé 40, ó ti mọ̀ pé ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń ṣì í, ṣùgbọ́n kò tíì mọ èwo. Bí wọ́n bá sì bára mu, wọ́n lè jọ ṣì í pọ̀. Adájọ́ tí kì í ṣe tẹmómítà rárá ló ń wá, ìyẹn nǹkan kan tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ ti wà bẹ́ẹ̀ látilẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ̀n ọ́. Omi ni adájọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa ń jókòó ṣèdájọ́: nígbà tí yìnyín rẹ̀ ń yọ́, àti nígbà tó ń hó.

Ẹ jẹ́ ká pe ibi méjèèjì yìí ní òpó àìyẹ̀. Orí wọn ni Anders Celsius, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Uppsala ní Súwídìn, gbé ìwọ̀n tirẹ̀ kà ní ọdún 1742, tó pín àárín wọn sí ọgọ́rùn-ún. Ó yẹ àwọn òpó náà wò dáadáa kó tó gbà wọ́n. Ó rí i pé ibi tí yìnyín ti ń yọ́ kì í yí padà bí ojú ọjọ́ bá yí padà, àmọ́ ibi tí omi ti ń hó máa ń lọ sókè sódò díẹ̀ bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ bá yí padà. Ohun tó rí yẹn ṣì ni òfin iṣẹ́ yìí títí di òní: òpó ìsàlẹ̀ ló dúró gbọn-in jù, òun ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ lọ bá.

Kí ló ń mú òpó ìsàlẹ̀ dúró? Bí a bá gbé yìnyín síta ní Ìkọ̀tún lọ́sàn-án gangan, ooru ń wọ inú rẹ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Síbẹ̀ ooru náà kì í mú un gbóná. Iṣẹ́ tí ooru ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń já àwọn ẹyọ omi tíntìntín tó di ara wọn mú nínú yìnyín kúrò lára ara wọn, títí wọ́n á fi di omi tó lè ṣàn. Lórí iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ooru tó wọlé ń tán sí. Joseph Black, tó jẹ́ olùkọ́ ní Glasgow, ló ṣàlàyé èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1760. A lè pè é ní ooru àfarasin, torí pé ó wọlé, tẹmómítà kò sì rí i. Kò kéré rárá. Ooru tí yóò yọ́ kílò yìnyín kan tó láti gbé kílò omi kan láti òdo dé nǹkan bí 80 dígírì. Ìdí nìyẹn tí omi tó kún fún yìnyín fi lè dúró ní òdo fún ìgbà pípẹ́ nínú ilé tó gbóná bí ti Èkó, níwọ̀n ìgbà tí yìnyín àti omi bá ṣì wà pa pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń fara kan ara wọn níbi gbogbo.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Wọ́n á ju yìnyín mẹ́ta sínú ife omi, wọ́n á ti tẹmómítà bọ̀ ọ́ títí tí ẹnu rẹ̀ fi kan ìdí ife, yóò sọ pé 3 tàbí 4, wọ́n á sì ní ó ti bàjẹ́. Tẹmómítà náà lè má jẹ̀bi rárá. Omi ní ìwà kan tí kò wọ́pọ̀: ìgbà tó bá wà ní dígírì 4 ló wúwo jù. Omi tó jẹ́ òdo fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, nítorí náà òkè ni yóò wà pẹ̀lú yìnyín tó léfòó, èyí tó jẹ́ 4 á sì rì sísàlẹ̀. Òkè ife ni òdo wà, ẹni tó ń wọ̀n ọ́ sì lọ ń wá a ní ìsàlẹ̀.

Nítorí náà yìnyín gbọ́dọ̀ pọ̀ dé ìdí ohun tí a bu ú sí. Píọ̀ wọ́tà méjì tó ti dì nínú fírísà tó fún iṣẹ́ yìí. Kí ẹni tó fẹ́ ṣe é bọ́ ọ̀rá kúrò lára wọn, kó fi aṣọ mímọ́ wé yìnyín náà, kó sì fi ọmọ odó fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Kó dà á sínú fíláàsìkì tẹ́nu rẹ̀ fẹ̀, tàbí kúlà kékeré, kó kún dáadáa. Lẹ́yìn náà kó da omi tútù tó mọ́ sí i díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi dí gbogbo àlàfo àárín yìnyín, ṣùgbọ́n kó má pọ̀ débi tí yìnyín á fi gbéra nílẹ̀ tí yóò léfòó. Bí ó bá ti léfòó, kó da omi díẹ̀ nù. Kó rò ó pọ̀, kó sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan.

Ìdúró yẹn nídìí. Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fírísà tutù ju òdo lọ fíìfíì. Ó lè tó dígírì 18 nísàlẹ̀ òdo. Funfun ni ara rẹ̀ máa ń rí, ó gbẹ, ó sì lè lẹ̀ mọ́ ìka tó lómi lára. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, nítorí náà kò tíì dé orí òpó. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá rin, tó ń dán, tí omi ń kán lára rẹ̀, ìgbà yẹn ló tó jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Ibi tí yìnyín ti wá náà ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò ní iná mànàmáná tó lè di píọ̀ wọ́tà lè lọ ra yìnyín ńlá lọ́wọ́ àwọn tó ń ta á fún àwọn ẹlẹ́ja lọ́jà Ìkọ̀tún. Ó dára, àmọ́ kó tọ́ ọ wò. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú yìnyín yẹn, inú omi iyọ̀ ni àwọn agolo tí omi ń dì sí máa ń wà, bí agolo bá sì ń jò, iyọ̀ á wọ yìnyín. Yìnyín tó ti gbé ara lé ẹja náà lè ti gba iyọ̀. Iyọ̀ ń fa òpó ìsàlẹ̀ lulẹ̀. Bí a bá po púpọ̀ mọ́ yìnyín, ó lè gbé e dé nǹkan bíi dígírì 21 nísàlẹ̀ òdo. Bí ahọ́n bá ti mọ iyọ̀ lára rẹ̀, kó má lò ó. Èròjà tó wà nínú omi kànga ẹ̀rọ tí a ń mu lójoojúmọ́ kò tó nǹkan tí irú tẹmómítà yìí lè rí.

Ó kù kí tẹmómítà wọlé. Àárín gbùngbùn ni kí ẹnu irin rẹ̀ wà, kó má kan ìdí, kó má kan ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá jẹ́ olójú aago, irú èyí tí ọwọ́ ń yí lójú rẹ̀, irin náà gbọ́dọ̀ wọlé tó nǹkan bí ìka mẹ́ta sí mẹ́rin ní fífẹ̀, nítorí pé àwo irin méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀ sínú rẹ̀ ló ń mọ ooru, wọ́n sì gùn kọjá ẹnu irin. Ti olójú dígítà ń mọ ooru lẹ́nu gan-an. Kó máa rò ó jẹ́jẹ́ títí òǹkà kò fi ní yí mọ́ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, kó wá kọ ohun tó rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kó yọ ọ́, kó jẹ́ kó padà sí ooru inú ilé, kó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ìdí àtúnṣe yìí ń bọ̀ wá hàn láìpẹ́.

Ká ní tẹmómítà ti obìnrin Ìgàndó yìí sọ pé 2 lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yẹ kó jẹ́ òdo. Àṣìwọ̀n rẹ̀ nísàlẹ̀ jẹ́ 2, sókè ló sì ń ṣì í.

Òpó òkè ló kàn, èyí tí Celsius rí i pé ó máa ń yẹ̀ díẹ̀. Omi ń hó nígbà tí eéfín tó ń dá sínú rẹ̀ bá lágbára tó láti ti afẹ́fẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kúrò. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ gidi, ó gbọ́dọ̀ gbóná sí i kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, yóò tètè hó. Bí ènìyàn bá gòkè ní nǹkan bí 300 mítà, ibi tí omi ti ń hó á fi bíi dígírì kan sọ̀ kalẹ̀. Jọ́ọ̀sì ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sí òkun, nítorí náà nǹkan bí 96 ni omi ń hó níbẹ̀. Tẹmómítà tó bá sọ pé 96 nínú omi híhó ní Jọ́ọ̀sì ń sọ òótọ́, ẹni tó bá sì yí i kó lè sọ pé 100 ti ba ohun rere jẹ́. Èyí kò kan ará Alímọ̀ṣọ́ púpọ̀. Ilẹ̀ wọn kò fi ọgọ́rùn-ún mítà ga ju òkun lọ, ìyàtọ̀ tó lè mú wá kò sì tó ìdá mẹ́ta dígírì kan. Fún iṣẹ́ ilé ìdáná, 100 ni omi ń hó ní Ìgàndó.

Kí a gbé ìkòkò omi lásán kaná, omi tí kò ní iyọ̀, tó jìn tó kí irin lè wọ inú rẹ̀ láìkan ìdí. Ìfófòó wẹ́wẹ́ tó máa ń kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò kì í ṣe híhó. Afẹ́fẹ́ tó ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀ ló ń jáde, omi náà sì lè má tíì dé 80. Híhó ni ìgbà tí ìfófòó ńláńlá bá ń ti ìdí dé òkè, tí gbogbo ojú omi ń ru, tí rírò pàápàá kò sì dá a dúró. Ibẹ̀ ni kí irin wọlé, láàárín omi. Bí ó bá kan ìdí ìkòkò, irin ìkòkò tí iná gáàsì ń jó ni yóò wọ̀n, ìyẹn sì gbóná ju omi lọ. Kí ẹni tó mú un fi aṣọ nípọn dì í mú láti ẹ̀gbẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ má wà lókè ibi tí eéfín ti ń jáde, nítorí eéfín omi híhó ń bó ara ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ooru àfarasin tún wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì máa ń tú sílẹ̀ sára awọ. Kí orí oníke tẹmómítà náà sì jìnnà sí iná.

Àwọn tó ń ṣe tẹmómítà tó péye jùlọ kì í ti ẹnu rẹ̀ bọ inú omi híhó rárá. Ìgbìmọ̀ kan tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Royal Society, yàn, tí Henry Cavendish wà nínú rẹ̀, dámọ̀ràn ní ọdún 1777 pé inú eéfín tó wà lókè omi ni kí wọ́n gbé e kọ́. Omi tó ń hó lè gbóná ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀ níbi kan, ṣùgbọ́n eéfín tó ti jáde máa ń wà ní ibi kan náà. Ìyàtọ̀ yẹn kéré sí ohun tí tẹmómítà ilé ìdáná lè fi hàn, omi tó ń ru gidi sì tó fún un.

Ká ní lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tẹmómítà náà sọ pé 104 nínú omi híhó. Àṣìwọ̀n òkè jẹ́ 4, tìsàlẹ̀ jẹ́ 2. Kí ni ká ṣe sí àwọn méjèèjì yìí?

Ẹ wo téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Oríṣi ìbàjẹ́ méjì ló lè ṣe é. Bí ẹnu rẹ̀ bá já ní íńṣì méjì, gbogbo ohun tó bá wọ̀n ni yóò fi íńṣì méjì ṣì, ìbáà jẹ́ ọrùn ọwọ́ tàbí gígùn agbádá. Kí télọ̀ yọ méjì kúrò nínú ohun tó kà, ó parí. Àmọ́ bí téèpù náà bá ti nà, àṣìwọ̀n rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Lára ọrùn ọwọ́ kò ní hàn, lára agbádá ni yóò ti ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí bí ohun tó ń wọ̀n bá ṣe gùn tó ni àṣìwọ̀n ṣe ń pọ̀ tó. Ohun tí ìdánwò yìnyín nìkan lè fi hàn ni bóyá ẹnu téèpù já. Kí a tó mọ̀ bóyá ó nà, a gbọ́dọ̀ dé òpó kejì.

Ti obìnrin yìí ní ìbàjẹ́ méjèèjì. Ó fi 2 ṣì í láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì tó rìn láti òdo dé ọgọ́rùn-ún, àṣìwọ̀n náà ti fi 2 mìíràn pọ̀ sí i. Èyí túmọ̀ sí pé bí ooru bá ti lọ sókè ní àádọ́ta dígírì, àṣìwọ̀n á fi dígírì kan pọ̀ sí i. Pẹ̀lú ìyẹn nìkan, ó lè mọ ohun tó yẹ kó máa wò. Ní 43, ìrìn náà kò tíì pé àádọ́ta, àfikún rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí 0.9, bí a bá fi 2 ìbẹ̀rẹ̀ kún un, ó di 2.9. Nígbà tí wàrà bá wà ní 43 gangan, tẹmómítà yóò máa sọ pé 46. Ní 85, àfikún jẹ́ 1.7, àpapọ̀ jẹ́ 3.7, tẹmómítà yóò máa sọ pé nǹkan bí 88.7.

Ẹ yí i padà, ẹ ó rí ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò rẹ̀. Nígbà tí tẹmómítà ń sọ pé 85, díẹ̀ ni wàrà fi lé ní 81. Nígbà tó ń sọ pé 43, nǹkan bí 40 ni. Kò sí èyí tó lè ba wàrà jẹ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n èkínní lè jẹ́ kí yógọ́ọ̀tì má ki tó, èkejì á sì fa kíkan rẹ̀ gùn. Àmì méjèèjì tó ń rí nìyẹn. Kí ó lẹ bébà kékeré kan mọ́ ara kúlà, kó fi sẹ́lótéèpù bò ó kí omi má bàa pa á rẹ́: kó gbé wàrà dé 89, kó sì da ìwúkàrà sí i ní 46. Kó kọ ọjọ́ tó ṣe ìdánwò náà síbẹ̀. Bí yógọ́ọ̀tì bá ṣì ń ṣàn lẹ́yìn èyí, kó wá yẹ wàrà àti ìwúkàrà wò.

Àwọn kan á béèrè pé kí ló dé tí kò fi tún tẹmómítà fúnra rẹ̀ ṣe. Èyí tó jẹ́ olójú aago máa ń ní nọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn ojú rẹ̀. Bí a bá fi sípánà kékeré yí i nígbà tí irin ṣì wà nínú yìnyín, ọwọ́ á padà sí òdo. Àwọn olójú dígítà mìíràn ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ CAL sí. Àmọ́ ẹnu téèpù tó já ni irú àtúnṣe yìí máa ń tún ṣe, kì í kan nínà rẹ̀. Bí obìnrin yìí bá yí tirẹ̀ sí òdo nínú yìnyín, yóò ṣì máa fi 2 ṣì nínú omi híhó. Ó dára bí àṣìwọ̀n ìsàlẹ̀ àti tòkè bá dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, bébà ara kúlà ló sàn jù.

Ohun kan wà tí bébà kò lè tún ṣe. Bí tẹmómítà bá sọ pé 2 ní àkọ́kọ́, tó sọ pé òdo ní èkejì, tó tún sọ pé 3 ní ẹ̀kẹta, nínú yìnyín kan náà, kò sí òǹkà tí a lè yọ tàbí fi kún un. Kí a pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, kí a wò ó bóyá omi ti wọ ibi tí irin ti pàdé orí oníke. Bí kò bá yí padà, kí a sọ ọ́ nù. Tẹmómítà tó ń ṣì í bákan náà nígbà gbogbo wúlò gan-an. Èyí tí àṣìwọ̀n rẹ̀ ń yí padà kò ṣeé lò, bí ó tilẹ̀ ń kọ òǹkà tó ní àmì ìdá mẹ́wàá sójú.

Kò sì yẹ kí tẹmómítà tí wọ́n fi ń wọn ibà súnmọ́ omi híhó láé. Èyí tó jẹ́ onígíláàsì kì í sábà kọjá 42. Bí a bá tì í bọ omi híhó, ohun tó wà nínú rẹ̀ á wú, kò ní ríbi gbà, gíláàsì á sì fọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé fàdákà olómi ló wà nínú rẹ̀, májèlé ti dé ilé ìdáná nìyẹn. Yìnyín náà kò wúlò fún un, torí òǹkà rẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀ rárá. Ọgbọ́n tó wà fún irú rẹ̀, àti fún èyí tí àwọn tó ń pa ẹyin nínú ẹ̀rọ fi ń ṣọ́ dígírì 37 àti ìdajì, ni kí a kọ́kọ́ fi yìnyín àti omi híhó yẹ tẹmómítà mìíràn wò, kí a mọ àṣìwọ̀n rẹ̀, kí a wá ki àwọn méjèèjì pọ̀ bọ inú kúlà omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ní nǹkan bí 38. Kí wọ́n fara kan ara wọn, kí a máa ro omi náà, kí a sì kà wọ́n pọ̀ nígbà kan náà.

Lẹ́yìn ìdánwò àkọ́kọ́, kò pọn dandan kí a máa se omi kaná nígbà gbogbo. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí tẹmómítà onígíláàsì bí ọdún ti ń lọ ni pé ìdí gíláàsì rẹ̀ ń sún kì díẹ̀díẹ̀, èyí sì ń gbé gbogbo òǹkà rẹ̀ sókè pọ̀. James Prescott Joule, ará Manchester, ń ṣọ́ òdo tẹmómítà rẹ̀ kan láti ọdún 1844 títí dé 1882. Ní ọdún méjìdínlógójì yẹn, òdo náà gòkè ní nǹkan bí ìdajì dígírì, kò sì tíì dúró. Yìnyín nìkan ti tó láti rí irú ìsún bẹ́ẹ̀. Ti onídígítà náà, yìnyín lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó, àti nígbàkigbà tó bá já bọ́ tàbí tí a bá pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń sọ pé 2, bébà ara kúlà ṣì dúró. Bí ó bá ti di 3, ìgbà yẹn ni kí a tún gbé omi kaná, kí a sì kọ òǹkà tuntun.